Lítà Kan Náà, Òtútù Ọ̀tọ̀: Ìrìn Afẹ́fẹ́ Nínú Sílíńdà

Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù ọwọ́ fún táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò ti kíyè sí nǹkan kan. Bó bá fún un nígbà ogún láìsinmi, ìsàlẹ̀ pọ́ńpù náà, níbi tí rọ́bà tó lọ sí táyà ti so mọ́ ọn, á ti gbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé awọ inú pọ́ńpù tó ń ha ara irin ló fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n awọ yẹn ń ha òkè pọ́ńpù bó ṣe ń ha ìsàlẹ̀, síbẹ̀ òkè kì í gbóná tó ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń gbóná, ìsàlẹ̀ ló sì ń há sí.

Lọ́dọ̀ fọ́gánáísà ẹ̀bá títì, apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Orí ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú tánkì ní àwọn irin pẹlẹbẹ tó yọ jáde lára rẹ̀ bí eyín ìyarun. Iṣẹ́ wọn ni kí ooru lè rí ibi gbà jáde, nítorí orí ẹ̀rọ náà ń gbóná gan-an. Bí fọ́gánáísà kan náà bá sì tẹ fáàfù táyà ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde, tútù ni afẹ́fẹ́ yẹn máa ń bà á lọ́wọ́, bí oòrùn ọ̀sán tilẹ̀ ń ràn. Títẹ̀ mú un gbóná, títú mú un tutù.

Ǹjẹ́ ènìyàn lè fi ìṣirò mọ bó ṣe máa gbóná tó, tàbí bó ṣe máa tutù tó, kó tó fọwọ́ kàn án? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kí ènìyàn mọ àyè tí afẹ́fẹ́ ti kúrò àti àyè tó dé nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ọ̀nà méjì làwọn olùkọ́ físíìsì fẹ́ràn jù láti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé, àwọn méjèèjì náà la ó sì tẹ̀ lé níhìn-ín pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lítà méjì nínú sílíńdà kan.

Sílíńdà yìí ní písítìn tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò. Nǹkan mẹ́ta là ń wò lára afẹ́fẹ́ náà. Èkíní ni àyè tó gbà, tí wọ́n ń fi V kọ. Ìkejì ni ìfúnpá rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti ara ògiri sílíńdà, tí wọ́n ń fi P kọ tí wọ́n sì ń fi kilopásíkà wọ̀n. Ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lẹ́bàá òkun fi díẹ̀ lé ní 100. Ìkẹta ni ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, T. Dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tí dókítà ń lò kọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò èyí o; kẹ́lífìn ni. Ẹni tó bá fi 273 kún Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ti dé kẹ́lífìn, nítorí náà yàrá tó wà ní dígírì 27 wà ní kẹ́lífìn 300.

Òfin kan so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò bá jò jáde tí òmíràn kò sì wọlé, ohun tí

P × V ÷ T

bá jẹ́ kì í yí padà. Gáàsì tó bá pa òfin yìí mọ́ láìyẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gáàsì pípé. Kò sí irú rẹ̀ nínú ayé, nítorí òfin náà gbà pé àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di gáàsì kò gba àyè kankan fúnra wọn, wọn kì í sì í fa ara wọn mọ́ra. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú sún mọ́ ọn gan-an nínú yàrá lásán: ohun tó fi yàtọ̀ sí gáàsì pípé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi sílíńdà wa ṣe é.

A ó fi gíráàfù tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀. Ìlà ìdúró ni ti ìfúnpá, ìlà ìdùbúlẹ̀ ni ti àyè. Àmì tó-tó kan lórí bébà dúró fún ipò tí afẹ́fẹ́ wà. Irú àwòrán báyìí ti wà nílé iṣẹ́ James Watt ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọdún 1796, nígbà tí John Southern tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi pẹ́ńsùlù sára ẹ̀rọ onísíìmù kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ya á. Àṣírí òwò ni wọ́n kà á sí, wọn kò sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Émile Clapeyron, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló wá lò ó ní 1834 láti fi ṣàlàyé ìwé tí Sadi Carnot ti kọ ní 1824, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì rídìí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti di ohun tí gbogbo ọmọ físíìsì ń yà.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni àmì A: lítà 2, kilopásíkà 100, kẹ́lífìn 300.

Wàyí o, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti písítìn náà wọlé, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tì í díẹ̀, ó dúró. Ó tún tì í díẹ̀, ó tún dúró. Sílíńdà náà jẹ́ irin lásán, ó sì wà nínú omi tó wà ní dígírì 27. Ooru yòówù tí títẹ̀ yẹn bá mú wá, irin á gbà á, omi á sì gbà á lọ́wọ́ irin, kí afẹ́fẹ́ tó rí àyè gbóná. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní àísótámà. Ní èdè tiwa, ọ̀nà ìgbóná-kan-náà. Nígbà tí T kò ti yí padà, òfin wa kù sí P × V nìkan. Èyí ni Robert Boyle ti tẹ̀ jáde láti 1662: bí àyè bá dín kù sí ìdajì, ìfúnpá á di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí písítìn náà dé lítà 1, kí a pe ibẹ̀ ní B. Ìṣirò rẹ̀ kò le:

P = 100 × 2 ÷ 1 = 200

Kilopásíkà 200 ni, kẹ́lífìn 300 náà ni síbẹ̀. Tí a bá fi àmì sí àwọn ibi tó gbà kọjá, ní lítà 1.6 ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 125, ní lítà 1.25 ó jẹ́ 160. So wọ́n pọ̀, ìlà kan á jáde tó tẹ̀ díẹ̀ ní ikùn, tó ń gòkè bó ṣe ń lọ sí apá òsì. Ojú ọ̀nà A sí B nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ló ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti fara balẹ̀. Wọ́n yọ sílíńdà kúrò nínú omi, wọ́n fi fóòmù tó nípọn wé e yí ká, wọ́n sì jẹ́ kí písítìn padà sẹ́yìn láti lítà 1 sí lítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ooru kò ráyè wọlé, kò ráyè jáde. Adiabátíìkì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Kí a máa pè é ní ọ̀nà ooru-ò-kọjá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Ẹ wo bọ́ọ̀lù tó ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ kan lórí pápá. Bí ọmọ náà bá ju ẹsẹ̀ síwájú pàdé rẹ̀, eré tí bọ́ọ̀lù á fi padà á ju èyí tó fi wá lọ. Bó bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù ti ń kàn án, eré bọ́ọ̀lù á kú síbẹ̀. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹyọ afẹ́fẹ́ tó ń sáré gbá ara písítìn. Bí písítìn bá ń wọlé bọ̀ wá bá wọn, wọ́n á fi eré tó pọ̀ sí i padà. Bó bá ń sá fún wọn, eré wọn á dín kù. Eré àwọn ẹyọ wọ̀nyí sì ni ìgbóná gan-an. Nínú omi, ara irin ń dá eré tó sọnù padà fún wọn. Nínú fóòmù, kò sẹ́ni tó máa dá a padà.

Nítorí náà, nígbà tí afẹ́fẹ́ wa ń wú ní ọ̀nà yìí, nǹkan méjì ló ń fa ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àyè ń fẹ̀, òtútù sì ń mú un. Òfin Boyle kò mọ̀ ju èkíní lọ. Òfin tó mọ méjèèjì ni èyí tó sọ pé

P × V^1.4

kò gbọdọ̀ yí padà, pé T × V^0.4 náà kò sì gbọdọ̀ yí padà. Nọ́ńbà 1.4 yìí ni wọ́n ń pè ní gámà. Iye ooru tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná ní dígírì kan nígbà tí àyè rẹ̀ kò yí padà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wú bó ṣe ń gbóná, kí ìfúnpá rẹ̀ sì wà bó ṣe wà, ó gba ooru tó ju ìyẹn lọ, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá iṣẹ́ títi písítìn lọ. Ẹni tó bá fi iye àkọ́kọ́ pín iye kejì yóò rí 1.4 fún afẹ́fẹ́.

Ìṣirò tó kù, kákúlétọ̀ tó ní bọ́tìnì x^y lè ṣe é. Àyè ti di ìlọ́po méjì, nítorí náà:

P = 200 ÷ 2^1.4 = 200 ÷ 2.639 = 75.8

T = 300 ÷ 2^0.4 = 300 ÷ 1.3195 = 227.4

Kilopásíkà 75.8 ni ìfúnpá rẹ̀. Kẹ́lífìn 227.4 ni ìgbóná rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi dígírì 46 lábẹ́ òdo. Fírísà inú ilé kì í sábà ju dígírì 18 lábẹ́ òdo lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n mú láti inú yàrá lásán, tí kò kan yìnyín, tí kò kan iná mànàmáná, ló tutù tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ká tó gbà á gbọ́, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní A, P × V ÷ T jẹ́ 100 × 2 ÷ 300, èyí tó fún wa ní 0.667. Ní B, 200 × 1 ÷ 300, 0.667. Ní ìparí, tí a ó pè ní C, 75.8 × 2 ÷ 227.4, 0.667 náà ni. Àyẹ̀wò kékeré yìí lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti rí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ìṣirò.

Lórí gíráàfù ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Láti B, ìlà méjì ló lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún. Èkíní ni ojú ọ̀nà tí a gbà gòkè wá, ti ìgbóná-kan-náà. Ìkejì ni ti ooru-ò-kọjá, ó sì ń já wálẹ̀ yára ju ti èkíní lọ. Ní lítà 1.25, ti èkíní wà ní 160, ti ìkejì wà ní 146. Ní lítà 1.6, 125 àti 104. Ní lítà 2, 100 àti 76. Àyè tó ń là láàárín wọn ni òtútù tó ń mú afẹ́fẹ́, tí ènìyàn lè fi ojú rí lórí bébà. Afẹ́fẹ́ ti padà sí lítà 2 tó ti kúrò, ṣùgbọ́n kò padà sí A. Ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọnrangandan. Bí wọ́n bá wá tú fóòmù kúrò, tí wọ́n sì de písítìn mọ́lẹ̀, ooru yàrá á wọlé díẹ̀díẹ̀, àmì náà á máa gun ìlà ìdúró lọ sókè láti 75.8 títí yóò fi dé 100, tí ilé onígun mẹ́ta náà á fi pa dé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbi ìṣirò yìí ni kí ènìyàn fi Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ṣe é. Ẹni tó bá fi 27 pín sí 1.3195 á rí 20.5, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tutù ní dígírì mẹ́fà àbọ̀ péré. Ìdáhùn yẹn dà bí òótọ́, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Àṣìṣe kejì jẹ́ ti géèjì. Géèjì tí fọ́gánáísà ń lò kì í ka ìfúnpá tó yí wa ká. Òdo ló ń kà nígbà tí táyà bá ti tú tán pátápátá. Lórí irú géèjì bẹ́ẹ̀, ibi tí a pè ní A jẹ́ òdo, B jẹ́ 100. Kò sí iye ìgbà tí wọ́n lè fi òdo sọ di púpọ̀ kó tó di 100. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 100 ti afẹ́fẹ́ ìta kún un kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ohun kan wà tí ìwé kì í sábà tẹnu mọ́ tó. Fóòmù nìkan kò sọ wá di ẹni tó lè lo 1.4. Písítìn náà gbọ́dọ̀ yára kí ooru má bàa kọjá, ṣùgbọ́n ìfúnpá tó ń dènà rẹ̀ láti ìta gbọ́dọ̀ máa dín kù bákan náà bí ti inú ṣe ń dín kù, kí afẹ́fẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ tó péye bó ṣe ń wú. Ká ní wọ́n já ìdènà náà sílẹ̀ lójijì, tó jẹ́ kilopásíkà 83.3 ni ohun tó kù níta tó ń ti písítìn, afẹ́fẹ́ á wú dé lítà 2, á sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní kẹ́lífìn 250, torí pé iṣẹ́ tó ṣe kéré. Ká ní kò sí nǹkan kan níta rárá, tó jẹ́ pé wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún un sínú lítà 1 mìíràn tó ṣófo pátápátá, kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, gáàsì pípé á sì wà ní kẹ́lífìn 300 bó ṣe wà. James Joule dán irú èyí wò pẹ̀lú àgbá bàbà méjì nínú omi, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1845: tẹmómítà rẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ kankan. Fóòmù kan náà, lítà kan náà, òpin mẹ́ta: 227, 250, 300.

Báwo ni ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gidi ṣe máa mọ èyí tó ṣẹlẹ̀? Kó ka ìfúnpá kíákíá nígbà tí písítìn bá dúró ní lítà 2. Bó bá rí 80 dípò 75.8, ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 300 × 80 ÷ 100, kẹ́lífìn 240. Ó ti mọ̀ nìyẹn pé ooru díẹ̀ ti yọ́ wọlé, tàbí pé ìdènà ti já lójijì ju bó ṣe yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin náà máa ń fa irú rẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ ń di ìkùukùu nígbà tó bá tutù, ó sì ń tú ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Ìkùukùu funfun tó máa ń yọ fẹ́ẹ́ lẹ́nu ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ohun kan náà ni.

Yíyan ìlà tí kò yẹ ti kó bá ẹni tó jinlẹ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1687, Isaac Newton ṣírò bí ohùn ṣe ń yára tó nínú afẹ́fẹ́. Ó rí i dájú pé ohùn jẹ́ títẹ̀ àti títú afẹ́fẹ́ tó ń sáré lọ, pé bí ìlà ìfúnpá àti àyè bá ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó ni ohùn á ṣe yára tó. Ṣùgbọ́n ìlà Boyle ló lò, ìlà ìgbóná-kan-náà. Lórí afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì òdo, ìṣirò yẹn fún ènìyàn ní mítà 280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí etí ń gbọ́ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní 1738, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé yìnbọn àgbá nítòsí Páríìsì, wọ́n ka àsìkò láàárín ìgbà tí iná rẹ̀ kọ àti ìgbà tí ìró rẹ̀ dé, àlàfo náà kò sì parẹ́.

Pierre-Simon Laplace ló tẹ ìdáhùn jáde ní 1816. Títẹ̀ àti títú inú ohùn ń ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ooru kò sì lè sáré bá a láti ibi tí afẹ́fẹ́ ti há dé ibi tó ti tú. Ìlà ooru-ò-kọjá ló yẹ. Ní ojú ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ìlà yẹn dà gẹ̀rẹ̀ ní ìlọ́po 1.4 ti Boyle, èyí tó sọ ìyára ohùn di ìlọ́po 1.18. Fi 1.18 sọ 280 di púpọ̀, ó di nǹkan bíi 331. Iye tí ìbọn àgbá ń sọ nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ wá yí ìṣirò náà padà: wọ́n ń wọn ìyára ohùn nínú gáàsì láti fi wá gámà rẹ̀. Nígbà tí Lord Rayleigh àti William Ramsay rí gáàsì àjèjì kan nínú afẹ́fẹ́ ní 1894, tí wọ́n sọ ní ágọ́ọ̀nù, wọ́n rán ohùn gba inú rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe 1.4 ti afẹ́fẹ́ ni wọ́n rí, bí kò ṣe nǹkan bíi 1.66. Gámà tó ga tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti gáàsì tí àwọn ẹyọ rẹ̀ kò so pọ̀ ní méjì-méjì bíi ti ọ́síjìn àti náítírójìn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ágọ́ọ̀nù ń dá rìn.